Kí Lẹ Tún Fẹ́ Fi Sílẹ̀?

Ó ti lé ní oṣù kan báyìí tí ìbéèrè kan ń jí mi lóru. Kì í ṣe ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni bi mí o. Èmi ló yẹ kí n bi ẹlòmíràn, mi ò sì bi í. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń ta òògùn ní Àgbádárìgì. Mo mọ ojú ẹni tó ń purọ́ pé òun ti jẹun kóun tó lo òògùn. Mo mọ ẹni tó ń ra òògùn fún ara rẹ̀ tó ń sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ló rán òun. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí àbúrò ìyá mi jókòó síwájú mi pẹ̀lú páálí òògùn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré ló yẹ kó jáde lẹ́nu mi, wọn ò jáde.

Bàbá Alágbọn ni gbogbo Ọjà Agbálátà mọ̀ ọ́n sí. Àgbọn ló ń rà jọ, tó ń kó lọ sí Èkó. Ẹni ọdún 53 ni, páálí sìgá kan ló sì ń mu tán lójúmọ́ látìgbà tí mo ti gbọ́njú mọ̀ ọ́n. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Faransé ló fi páálí méjì òògùn rán ẹnìkan tó gba Kútọnu wọlé.

“Àbẹ̀kẹ́, bá mi wo nǹkan tí ọmọ yìí fi ránṣẹ́. Ó ní tí n bá ti ń lò ó, sìgá á kọ̀ mí fúnra ẹ̀.”

Mo gba páálí náà. Èdè Faransé ló wà lára rẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ń tajà nítòsí Sẹ̀mẹ̀ tí kò gbọ́ Faransé díẹ̀díẹ̀, ebi ni yóò pa á. Bupirópíọ́ọ̀nù ni, 150 mílígíráàmù, pẹ̀lú lẹ́tà méjì lẹ́yìn rẹ̀: LP. Ohun tí lẹ́tà méjèèjì ń wí ni pé òògùn náà kì í tú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ikùn, díẹ̀díẹ̀ ló ń tú.

Kí n má purọ́, inú mi dùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi òògùn yìí sínú ìwé àwọn òògùn kòṣeémánìí wọn ní 2021, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta péré ló tíì mú un wá síwájú mi látìgbà tí mo ti ṣí kẹ́mísì. Mo sọ fún un pé kó kọ́kọ́ lọ rí dókítà. Ó wò mí, ó ní, “Ìwọ ńkọ́? Kí ni wọ́n kọ́ ẹ ní yunifásítì?” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí mi. Ibẹ̀ ni mo ti jìn sí kòtò.

Gbogbo ohun tí mo béèrè

Mo fà á lé àga, mo mú bírò. Ṣé ẹ ní wárápá? “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i.” Ìtọ̀ ṣúgà ńkọ́? Rárá. Ẹ̀dọ̀, kíndìnrín? Rárá. Ṣé ẹ ti ṣubú rí, tí ẹ forí gbá nǹkan débi pé ẹ dákú? Rárá. Ṣé ẹ ń lo tírámádọ̀, òògùn oorun, òògùn ìrònú? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní irú èèyàn wo ni mo pe òun. Mo wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ nítorí pé òògùn náà lè gbé e sókè. 138 lórí 84 ni. Kò burú.

Òun náà bi mí ní ìbéèrè kan tó dáa gan-an. “Ṣé n lè fi ọ̀bẹ dá a sí méjì, kó lè pẹ́ lọ́wọ́ mi?” Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, Bàbá, ẹ má dá a o, ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má jẹ ẹ́ lẹ́nu. Odindi ni kí ẹ gbé e mì. Ohun tí wọ́n fi ṣe ara òògùn yẹn ló ń fà á sẹ́yìn tí kì í fi í tú lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá dá a, ohun tó yẹ kó máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ yín fún wákàtí púpọ̀ ni yóò rọ́ wọlé pọ̀, bí ó bá sì ti rọ́ wọlé pọ̀ bẹ́ẹ̀, ọpọlọ lè dàrú kí gìrì sì gbé èèyàn.

Mo wá ṣàlàyé bí yóò ṣe lò ó. Ẹyọ kan láràárọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà. Láti ọjọ́ keje, ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lọ́sàn-án tó ti rọlẹ̀, kí àárín wọn má dín ní wákàtí mẹ́jọ, kí ti ẹ̀ẹ̀kejì má sì sún mọ́ àkókò oorun torí òògùn yìí máa ń lé oorun. Tó bá gbàgbé ọ̀kan, kó má fi méjì san án. Kó má ju ẹyọ méjì lọ lójúmọ́, ìyẹn 300 mílígíráàmù, láéláé. Kó ṣì máa mu sìgá rẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó wá mú ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ kejì tí yóò jáwọ́ pátápátá.

Ọjọ́ Túsìdeè ló bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì ló mú, èyí tó jẹ́ ọjọ́ kọkànlá. Ó dìde, ó súre fún mi, ó fi àgbọn mẹ́rin sílẹ̀ lórí káńtà.

Adìyẹ, àgbàdo àti ìgbálẹ̀

Ó fẹ́ mọ̀ bí òògùn ṣe ń bá sìgá jà, mo sì fi adìyẹ ṣàlàyé fún un, torí ìyàwó rẹ̀ ń sin adìyẹ. Bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ náà rèé.

Inú ọpọlọ, àwọn fọ́nrán tó ń gbé ìròyìn kì í fara kanra. Àlàfo tóóró wà láàárín wọn. Èyí tó fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò da èròjà kan sínú àlàfo yẹn, bí ìgbà tí èèyàn da àgbàdo sílẹ̀ fún adìyẹ, èyí tó wà ní òdìkejì yóò ṣà á jẹ, yóò sì gbọ́ ohun tí wọ́n ní kó gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó da àgbàdo náà a mú ìgbálẹ̀, a gbá ìyókù padà sínú igbá. Méjì nínú irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ ló kàn wá níbí: dopamíìnì, tó ń jẹ́ kí nǹkan wu èèyàn tí ara fi ń béèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, àti noradirẹnalíìnì, tó ń la ojú, tó ń mú ara jí pépé.

Nikotíìnì inú sìgá a máa ṣílẹ̀kùn kan lára àwọn fọ́nrán yìí, dopamíìnì a sì ya jáde. Ẹni tó ti ń mu páálí kan lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọdún, ọpọlọ rẹ̀ ti gbà pé bí àgbàdo ṣe ń wá nìyẹn. Lọ́jọ́ tí sìgá bá dáwọ́ dúró, àgbàlá dá páropáro. Inú á máa bí i láìnídìí, ọkàn kò ní gbé ibì kan, oúnjẹ á máa wù ú ṣáá.

Ọ̀nà méjì ni bupirópíọ́ọ̀nù gbà wọ ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní, ó ń di ọwọ́ ìgbálẹ̀ mú. Kò da àgbàdo kún un, àmọ́ èyí tó wà nílẹ̀ ń pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbá a, àgbàlá kò sì ní dá bí ì bá ṣe dá. Èkejì, ó ń dí ilẹ̀kùn tí nikotíìnì ń ṣí. Kò bá nikotíìnì du ihò kọ́kọ́rọ́ o, inú ẹnu ọ̀nà gan-an ló ti ń fi igi dábùú. Bí kọ́kọ́rọ́ bá wọlé tó yí, ilẹ̀kùn ò ní ṣí dáadáa. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé ní ọ̀sẹ̀ kejì, sìgá kàn dà bí èéfín lásán lẹ́nu àwọn. Ìdí náà sì nìyí tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ òògùn kí sìgá tó dáwọ́ dúró: ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó pé dáadáa nínú ẹ̀jẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Bàbá Alágbọn pè mí lórí fóònù. “Àbẹ̀kẹ́, sìgá yìí ti ń tẹ́ lẹ́nu mi o.” Mo jó lẹ́yìn káńtà.

Mi ò ní tan ẹnikẹ́ni pé iṣẹ́ ìyanu ni. Nínú ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2016, tí àwọn tó lé ní 8,000 kópa nínú rẹ̀, nínú àwọn tó lo bupirópíọ́ọ̀nù, nǹkan bí 16 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò fẹnu kan sìgá láti ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án títí di ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní òògùn ẹ̀tàn, èyí tí kò ní òògùn gidi nínú, nǹkan bí mẹ́sàn-án ni. Ìyàtọ̀ wà, àmọ́ àwọn tí kò rí i ṣe pọ̀ ju àwọn tó rí i ṣe lọ. Èmi ṣì kà á sí òògùn tó dáa.

Àárọ̀ Sátidé

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, fóònù mi dún. Ìyàwó rẹ̀ ni. “Àbẹ̀kẹ́, sáré máa bọ̀, Bàbá ń kú lọ!”

Nígbà tí mo débẹ̀, gbígbọ̀n náà ti dáwọ́ dúró. Ó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá, ó ń han bí ẹni tó sùn fọnfọn, ìtọ̀ ti tútù sí ṣòkòtò rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà létí ètè. Ẹnìkan ti ki ṣíbí bọ ẹnu rẹ̀. Ẹnìkan gbé ìgò epo pupa dání. Bàbá àgbàlagbà kan ní iwájú ilé ń ké pé kí wọ́n lọ wá àgbo ìtọ̀ màlúù wá. Mo yọ ṣíbí, eyín kan ti mì. Mo yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí itọ́ lè máa ṣàn jáde, mo ká aṣọ sí i lábẹ́ orí, mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rọ nǹkan kan sí i lọ́fun. Ìyàwó rẹ̀ ní ara rẹ̀ kọ́kọ́ le gbagidi, ojú yí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jìgìjìgì, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń gbọ̀n lójú rẹ̀, ìṣẹ́jú méjì lójú rẹ̀ kọjá wákàtí kan.

Gbogbo ọ̀nà tí a gbà dé ilé ìwòsàn, ohun kan ṣoṣo ni mò ń rò: ó ti dá òògùn sí méjì. Mo tiẹ̀ ń bínú sí i. Mo ti múra bí mo ṣe máa sọ ọ́, pé mo ti kìlọ̀ fún yín. Mo ka ẹyọ tó kù nínú páálí. Iye tó yẹ kó kù ló kù, odindi ni gbogbo wọn.

Dókítà tó gbà wá kò lè ju ọmọ ọdún 28 lọ. Ó gbọ́ àlàyé mi, ó gbé páálí náà yẹ̀wò, ó dá a padà sórí tábìlì. Ó wá ń wo ọwọ́ Bàbá. Bàbá ti ń lajú nígbà yẹn, kò tíì mọ ibi tó wà dáadáa, àmọ́ ọwọ́ méjèèjì ń gbọ̀n lórí aṣọ ìbora, òógùn sì bò ó lójú nínú yàrá tí fáànù ń fẹ́.

“Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà,” ó ní. “Yàtọ̀ sí sìgá, kí lẹ tún fi sílẹ̀?”

Bàbá Alágbọn wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo ilẹ̀.

“Gbogbo ẹ̀ ni,” ó ní. “Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ ni. Mo ní kí n kúkú gbá ilé mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.”

Ṣódàbì ni. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó ń mu ún. Ta ni kì í mu ṣódàbì ní etí odò wa yìí? Ohun tí a kò mọ̀ ni iye rẹ̀. Ife kékeré kan kó tó fọnu láàárọ̀ ni, ìdajì ìgò lálẹ́, fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló mu èyí tó kẹ́yìn, ó gbàdúrà, ó sì da ìyókù sílẹ̀ lẹ́yìn ilé. Láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ Ọjọ́bọ̀ sí aago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé, wákàtí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Gìrì tó ń wá látinú fífi ọtí sílẹ̀ lójijì, láàárín wákàtí mẹ́fà sí méjìdínláàádọ́ta ló sábà ń dé. Mo ka nǹkan yìí nílé ìwé. Mo yege nínú ìdánwò rẹ̀.

Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Èmi béèrè, mo ṣì ṣìnà, torí pé ohun tó ń lò nìkan ni mo béèrè. Mi ò béèrè ohun tó fẹ́ fi sílẹ̀.

Bíréèkì tí ọtí gbà

Ọpọlọ wa ní ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ sáré, ó sì ní bíréèkì. Àwọn méjèèjì ń bára wọn ṣe iṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Gìrì ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí bíréèkì kò bá mú, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́nrán sì pariwo pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wa pátá ni gìrì lè gbé bí nǹkan bá le dé ibì kan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wa ni pé ibi yẹn jìnnà sí ẹnìkan ju ẹnìkejì lọ.

Ọtí máa ń tẹ bíréèkì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mu ún fi ń rọ̀, tí ahọ́n rẹ̀ ń wúwo, tó ń sùn. Tí ẹnìkan bá wá ń tẹ bíréèkì yẹn fún ọpọlọ lálaalẹ́ fún ogún ọdún, ọpọlọ kì í ṣe òmùgọ̀, yóò dín bíréèkì tirẹ̀ kù, yóò sì tẹ ìsáré mọ́lẹ̀ sí i, kí nǹkan lè dọ́gba. Ọkọ̀ náà wá ń rìn geere pẹ̀lú ọtí nínú. Lọ́jọ́ tí ọtí bá sọ̀kalẹ̀ lójijì, ẹsẹ̀ ṣì wà lórí ìsáré, bíréèkì kò sí.

Bupirópíọ́ọ̀nù ní tirẹ̀ ń fa ibi tí gìrì ti ń bẹ̀rẹ̀ sún mọ́ èèyàn díẹ̀. Díẹ̀ náà ni, kò sì ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn ní nǹkan kan. Àmọ́ ní àárọ̀ Sátidé yẹn, ọjọ́ kẹfà rẹ̀ rèé lórí ẹyọ méjì lójúmọ́, oorun ti dá lójú rẹ̀ fún òru méjì, ọtí sì ti kúrò. Kò sẹ́ni tó lè fi gbogbo ẹnu sọ pé òògùn ló fà á, torí fífi ọtí sílẹ̀ nìkan lè gbé gìrì wá. Ohun tí ìwé òògùn náà sọ ni pé àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ pàdé. Ẹni tó fẹ́ já ọtí lójijì, tàbí tó fẹ́ já òògùn oorun bíi Fáliọ̀mù àti Lẹksotáànì lójijì, bupirópíọ́ọ̀nù kì í ṣe tirẹ̀ lákòókò yẹn.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ara rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Jímọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní ọwọ́ ti ń gbọ̀n láti ọ̀sán, ó ń làágùn, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ó bì oúnjẹ alẹ́. Wọ́n rò pé sìgá ló ń bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tí sìgá ń bá jà máa ń kanra, ebi máa ń pa á, oorun rẹ̀ kì í dán mọ́rán. Fífi sìgá sílẹ̀ kì í mú kí ọwọ́ èèyàn gbọ̀n bẹ́ẹ̀ kí òógùn sì bò ó. Ẹni tó bá fi ọtí sílẹ̀ tó wá ń gbọ̀n, tó ń làágùn, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe ọjọ́ kejì.

Dókítà náà dá bupirópíọ́ọ̀nù dúró lójú ẹsẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ kàn án mọ́ láéláé, torí ẹni tí gìrì bá ti gbé rí kì í lò ó. Ó fún un ní fítámì B1 àti Fáliọ̀mù. Bí ó ti rí nìyẹn: òògùn tí kò yẹ kí èèyàn já lójijì ni wọ́n fi ń dá bíréèkì padà fún un, tí wọ́n wá ń dín in kù ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan.

Ẹnìkan nínú ẹgbẹ̀rún

Mo mọ nọ́ńbà náà lórí. Ní 300 mílígíráàmù lójúmọ́, nǹkan bí ẹnìkan nínú ẹgbẹ̀rún èèyàn ni gìrì ń gbé. Tó bá di 450, ó di bíi mẹ́rin. Láti 450 sí 600, ó fò sókè ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má fi méjì san ọ̀kan tó gbàgbé.

Ìtàn òògùn náà gan-an fi hàn bẹ́ẹ̀. Ní 1985 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà, fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, wọn ò tíì ro ti sìgá. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó o kúrò lọ́jà, torí pé nínú ìwádìí tí wọ́n fi ṣe lára àwọn tó ní àìsàn jíjẹ àjẹjù tí wọ́n tún ń fọwọ́ ara wọn bì í, gìrì gbé mẹ́rin nínú wọn. Èébì lemọ́lemọ́ a máa da iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rú, bíréèkì ọpọlọ kò sì fẹ́ irú ìyẹn. Ó padà dé ní 1989 pẹ̀lú ìwọ̀n tó kéré sí i, wọ́n sì fọwọ́ sí i fún sìgá ní 1997. Títí dòní, ẹni tó bá ní irú àìsàn oúnjẹ yẹn, tàbí tó ti ní i rí, tàbí tó ń febi pa ara rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù sísanra, kò gbọdọ̀ lò ó.

Ohun tí mo wá rí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Bàbá Alágbọn ni pé ẹnìkan nínú ẹgbẹ̀rún yẹn kì í ṣe tẹ́tẹ́. Mò ń ṣe tẹ́lẹ̀ bí ẹni pé ẹgbẹ̀rún èèyàn ló tò, tí ibi kàn ń ti ojú sánmà já lu ẹnìkan. Rárá. Ẹni náà máa ń ní nǹkan mìíràn lára, a sì lè wá a kàn bí a bá béèrè dáadáa. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó ń lo òògùn rẹ̀, tí ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Ẹni tó ti fara pa lórí rí. Ọ̀dọ́ tó ń gbé tírámádọ̀ mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Ní ilẹ̀ wa níbí pàápàá, ẹni tí ibà mú tó lọ fúnra rẹ̀ ra kulorokuíìnì, tó fi sípírò tì í torí ó ní taifọ́ọ̀dù ló dà á pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn òògùn yìí ló lè fa gìrì sún mọ́ni díẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa ń ka òògùn ibà sí òògùn tí òun ń lò.

Bí mo ṣe béèrè wárápá

Ẹ tún padà wo ìbéèrè mi àkọ́kọ́: ṣé ẹ ní wárápá? Ta ni ọmọ Yorùbá tí yóò dáhùn bẹ́ẹ̀ ni? Èébú ni. Wọ́n á ní ẹ fẹ́ bà á lórúkọ jẹ́, pé ọmọ rẹ̀ kò ní rí ọkọ fẹ́. Ẹni tó bá tiẹ̀ ní i lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́wàá, “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́” ni yóò dáhùn.

Mo ti yí i padà. Mo máa ń béèrè báyìí pé, ṣé ẹ ti jí rí láàárọ̀ tí ẹ rí i pé ẹ ti gé ahọ́n jẹ, tàbí tí ẹ tọ̀ sára bí àgbà? Ṣé wọ́n ti sọ fún yín rí pé ara yín gbọ̀n tí ẹ̀yin kò sì mọ̀? Nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, ṣé gìrì mú yín? Èyí tó kẹ́yìn yẹn kò tini lójú, ìyá gbogbo wa ló ní ìtàn gìrì lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni kan ṣoṣo níbẹ̀, mi ò ní ta òògùn náà, dókítà ló kàn.

Ti ọtí náà ti yí padà. “Ṣé ẹ ń mu ọtí?” kò wúlò, “a máa ń fi tọ́wò” ni ìdáhùn rẹ̀. Mo máa ń béèrè pé: tí ẹ kò bá mu ún títí di ọ̀sán ọ̀la, báwo ni ọwọ́ yín ṣe máa ń rí? Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kó tó rí ife àárọ̀, mi ò ní kó já ohunkóhun fúnra rẹ̀. Mo máa ń ní kó má tíì já ọtí lójijì, kó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà tí yóò bá a dín in kù. Ní ti sìgá, àwọn bébà tí a ń lẹ̀ mọ́ra tàbí ṣingọ́ọ̀mù tó ní nikotíìnì wà, ìyẹn kì í fa gìrì sún mọ́ni. Ó wọ́n, ó sì ṣòro rí ní Àgbádárìgì, ọ̀dọ̀ oníbàárà mi kan ní Èkó ni mo ti ń rà á.

Bàbá Alágbọn ń lo bébà yẹn báyìí. Kò fẹnu kan ṣódàbì mọ́. Sìgá ṣì wà, mẹ́rin lójúmọ́, nígbà míràn márùn-ún, ó sì máa ń fi pamọ́ fún mi bí ọmọdé. Mi ò bá a jà. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé kò bínú sí mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi obìnrin, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé kíkúnlẹ̀ ló yẹ kí n kúnlẹ̀. Ó ní, “Dìde, o béèrè gbogbo nǹkan, èmi ni mi ò sọ.” Kì í ṣe òótọ́, mo sì mọ̀ pé ó mọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, awakọ̀ kan wọlé, ó ní ẹnìkan sọ fún òun nípa òògùn kan tó ń jẹ́ kí sìgá tẹ́ lẹ́nu. Mo ní, Bọ̀dá, kí n tó sọ nǹkan kan, yàtọ̀ sí sìgá, kí lẹ tún fẹ́ fi sílẹ̀?

Ó rẹ́rìn-ín. “Kò sí o. Paragà nìkan ni, ìyẹn náà kì í ṣe nǹkan.”

Mo fa àga sí i. Mo ní kó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, kó la ìka wọn, kí n wò ó.